Àmì Dúdú ní Àtẹ́lẹsẹ̀ àti ní Abẹ́ Èékánná: Ohun tí Dókítà Ń Wò kí Ó tó Fura sí Jẹjẹrẹ

Ó ṣòro kí a tó rí àgbàlagbà kan tí kò ní àmì dúdú kankan lára. Àwọn kan gbé tiwọn wá láti inú ìyá wọn; ti àwọn mìíràn kò hàn títí wọ́n fi gòkè àgbà. Èyí tí ó kéré, tí ó dúdú bí ẹni pé yíǹkì ta sí ibẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní tàdáwà. A máa ń fi í dá ènìyàn mọ̀, a sì máa ń kà á sí ẹwà bí ó bá bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọge. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí ó rí, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àwọn àmì wọ̀nyí kì yóò ṣe ẹni tí ó ni ín ní ibi kankan títí ọjọ́ alẹ́. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín ni èyí tí kò dúró bí a ti mọ̀ ọ́n, tàbí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀ rí. A óò sì gbé ojú wa lé àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná jù ibi yòókù lọ, nítorí pé àwọn ibẹ̀ yìí ni ọ̀kan nínú àwọn jẹjẹrẹ awọ tí ó burú jùlọ máa ń ba sí lára ènìyàn dúdú, àwọn ibẹ̀ náà ni a kì í sìí sáábà wò.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ibi tí dúdú ara ti ń wá. Awọ ara ní ìpele òkè àti ìpele ìsàlẹ̀. Ní ìdí ìpele òkè ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti aláró. Àwọn ni wọ́n ń po aró dúdú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní mẹ́lánìn, tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yí wọn ká. Iye aláró tí ó wà nínú awọ ènìyàn dúdú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ènìyàn funfun. Aró tí ó wà nínú ìkòkò wọn, àti bí wọ́n ti ń pín in, ni kò dọ́gba. Nígbà tí àwọn aláró bíi mélòó kan bá kó ara wọn jọ sí ojú kan, àmì dúdú a yọ níbẹ̀. Wọn a dàgbà díẹ̀, wọn a sì jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá yà kúrò lójú ọ̀nà, tí ó ń bí sí i láìdẹ́kun, jẹjẹrẹ tí à ń pè ní mẹlanómà ni ó dé yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń tàn kálẹ̀ lórí awọ bí epo tí ó kán sí aṣọ. Ìtànkálẹ̀ yìí sì lè gba oṣù púpọ̀ tàbí ọdún pàápàá. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Bí ó bá ti walẹ̀ dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ń gbà kọjá, ó ti rí ọ̀nà dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n tí dókítà ń ta lórí àrùn yìí kò ju kí ó bá a nígbà tí ó ṣì ń tàn, kí ó tó walẹ̀.

A sábà máa ń gbọ́ pé àrùn òyìnbó ni. Ìdajì òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Lóòótọ́ ni aró tí ó wà lára wa ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, lóòótọ́ ni mẹlanómà sì wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà ju bí ó ti wọ́pọ̀ lára wa lọ. Ṣùgbọ́n irúfẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kò fi ti oòrùn ṣe. Àtẹ́lẹsẹ̀ kì í rí oòrùn, abẹ́ èékánná kì í sìí rí i. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni irúfẹ́ yìí ń yọ sí. Bí ó ti ń mú ènìyàn funfun ni ó ń mú ènìyàn dúdú, iye tí ó ń mú nínú ìran kọ̀ọ̀kan kò sì jìnnà sí ara wọn. Ṣùgbọ́n nítorí pé irúfẹ́ ti oòrùn ṣọ̀wọ́n lára wa, èyí tí ń yọ sí ẹsẹ̀ ni ó wá pọ̀ jùlọ nínú èyí tí a ń rí. Láàrin àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo mẹlanómà wọn lọ. Láàrin àwọn ènìyàn funfun ibẹ̀, kò ju bí 1 tàbí 2 nínú 100 lọ. Ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa náà, ẹsẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ti ń rí i jùlọ. (Ọ̀rọ̀ àwọn àfín yàtọ̀. Àwọn ni oòrùn ń pa lára jùlọ láàrin wa, jẹjẹrẹ awọ irú mìíràn ni ó sì sábà máa ń mú wọn ní ojú, etí, ọrùn àti ọwọ́, tí í máa ń rí bí egbò tí kò jinná. Èyí tó àpilẹ̀kọ ọ̀tọ̀.)

Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ jùlọ tí àrùn yìí pa ni olórin ilẹ̀ Jàmáíkà nì, Bọ́ọ̀bù Máálì. Ní ọdún 1977, ó ṣeṣe ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Páríìsì. Ojú ibẹ̀ kò jinná bí ó ti yẹ, nígbà tí àwọn dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò, mẹlanómà ni wọ́n bá lábẹ́ èékánná rẹ̀. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n gé ọmọ ìka náà, ó kọ̀; èékánná àti ẹran abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gé kúrò, wọ́n sì bu awọ láti ibòmíràn lára rẹ̀ bò ó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, ó ṣubú lulẹ̀ níbi tí ó ti ń sáré ìdárayá ní Nìú Yọ́ọ̀kì. Àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ rẹ̀. Ó lọ gba ìtọ́jú ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì kú ní Màyámì ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981, lẹ́ni ọdún 36. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń sọ pé bọ́ọ̀lù ni ó fa jẹjẹrẹ náà. Kò sí ẹ̀rí pé ọgbẹ́ kan ṣoṣo báyìí lè fa irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọgbẹ́ máa ń ṣe ni pé kí ó fa ojú ènìyàn sí ibi tí kò wò tẹ́lẹ̀. Ohun mìíràn tí ó sì máa ń ṣe, tí ó burú, ni pé kí ó fún ènìyàn ní ohun tí yóò dá lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ti rántí pé òun fẹsẹ̀ kọ kì yóò wá ìdí mìíràn mọ́ tí ẹsẹ̀ òun fi dúdú.

Báwo ni dókítà ṣe ń fura? Ní ọdún 1985, àwọn oníṣègùn mẹ́ta ní Yunifásítì Nìú Yọ́ọ̀kì kó àwọn ohun tí ó yẹ kí a wò jọ sí mẹ́rin, wọ́n fi àwọn lẹ́tà àkọ́kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì sàmì sí wọn kí ó lè rọrùn láti rántí. Ní ọdún 2004 ni àwọn kan fi ẹ̀karùn-ún kún un. Lẹ́tà òyìnbó kò wúlò fún wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí wọn wúlò. Bí a bá fi ojú inú la àmì náà sí méjì, ǹjẹ́ apá kan dọ́gba pẹ̀lú èkejì? Àmì rere a máa rí roboto bí owó ẹyọ. Èyí tí ó ń fura a máa gùn sí apá kan bí àwòrán ilẹ̀ tí ọmọdé yà. Etí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó gún régé, àbí ó já jálajàla, tí a kò mọ ibi tí àmì parí sí tí awọ gidi ti bẹ̀rẹ̀? Àwọ̀ rẹ̀ a máa jẹ́ ọ̀kan náà jákèjádò bí kò bá ní ibi nínú; bí ìhín bá dúdú, tí ọ̀hún pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ibòmíràn sì ní eérú tàbí pupa nínú, àwọn aláró ibẹ̀ kò ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́. Ní ti ìbú, wọ́n fi mìlímítà 6 ṣe òdiwọ̀n, èyí tí ó tó ìdí pẹ́ńsù tí ó ní rọ́bà. Èyí tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn, tí èmi kà sí olórí gbogbo wọn, ni ìyípadà: ṣé bí ó ti rí lọ́dún tó kọjá ni ó rí báyìí? Àmì tí ó burẹ́wà ṣùgbọ́n tí kò yí padà láti ogún ọdún kò tó ẹ̀rù bà. Àmì tí ó lẹ́wà ṣùgbọ́n tí ó di ìlọ́po méjì láàrin oṣù mẹ́fà tó o.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ àti apá àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe òdiwọ̀n wọ̀nyí. Bí a bá gbé wọn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn dúdú, wọn a máa ṣìnà nígbà mìíràn. Awọ ibẹ̀ nípọn, ìrìn a máa bó orí àmì náà, eruku a máa bò ó, etí rẹ̀ kì í sìí hàn dáadáa. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní àbàwọ́n rẹ́súrẹ́sú káàkiri láti ìgbà èwe, àwọn wọ̀nyí kì í sìí ṣe àrùn. Wọ́n máa ń pọ̀, wọ́n máa ń wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn kì í sìí yí padà. Èyí tí ó dá wà ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó ṣú ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ni kí a fi ojú sí.

Àwọn dókítà ilẹ̀ Jàpáànù, tí irúfẹ́ ti ẹsẹ̀ yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn náà, ni wọ́n rí ohun kan tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá wo àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí àtẹ́lẹwọ́ dáadáa, a óò rí i pé ó ní àwọn ìlà tí ó tò lọ bí oko tí a kọ: ebè wà, poro sì wà láàrin ebè méjì. Orí ebè ni àwọn ihò tí òógùn ń gbà jáde tò sí. Dókítà a mú awò kékeré oníná tí ń mú nǹkan tóbi bí ìlọ́po mẹ́wàá, a sì gbé e lé àmì náà. Bí dúdú àmì bá wà nínú poro, tí orí ebè sì mọ́, àmì rere ni ó sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí dúdú bá gun orí ebè, tí poro wá funfun láàrin wọn, ìfura ńlá ni, bí àmì náà tilẹ̀ kéré. Ìdánwò yìí kò ṣàìní àléébù. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú awọ lẹ́yìn ìrìn tàbí eré ìje lè gun orí ebè bákan náà, a kò sì lè fi ojú lásán rí ebè àti poro dáadáa lórí awọ tí ó ti yi. Síbẹ̀, níbi tí awò bá wà, ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ọ̀bẹ tí kò yẹ, ó sì ti mú àwọn mìíràn dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ lákòókò.

Níbi tí awò kò bá sí, òdiwọ̀n mìíràn wà tí àwọn olùtọ́jú ẹsẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2010 fún ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí a bèèrè bóyá ojú ibẹ̀ ní àwọ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti awọ ìyókù. Bóyá ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kò lè sọ pàtó ohun tí ó jẹ́. Bóyá ó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí ó ń ṣomi. Bóyá ó ń tóbi sí i láìka ìtọ́jú sí. Àti bóyá ó ti ju oṣù méjì lọ tí kò jinná. Méjì nínú wọn bá péjọ, kí a rán aláìsàn náà sí dókítà awọ. Ìbéèrè kejì ni ó wù mí jùlọ nínú wọn, nítorí pé ó sọ àìmọ̀ olùtọ́jú di àmì àrùn. Ẹni tí ó fi òróró ìpara méjì tọ́jú wọ́nwọ́n tí kò sì san, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ bóyá wọ́nwọ́n ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí èékánná. Ìlà dúdú tí ó gùn láti ìdí èékánná dé orí rẹ̀ wọ́pọ̀ púpọ̀ lára wa, bí a sì ti ń dàgbà ni ó ń pọ̀ sí i. Bí ó bá wà ní èékánná mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọn kò sì yí padà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Èyí tí dókítà ń bẹ̀rù ni ìlà kan ṣoṣo, ní àtàǹpàkò ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ jùlọ, tí ó yọ lára ẹni tí ó ti tó ọdún 50, tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ń fẹ̀ sí i. Bí ìdí ìlà náà bá fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, ó ń dàgbà nìyẹn, nítorí pé ìdí ni èékánná ti ń jáde: ohun tí ó wà lórí ni ti oṣù tí ó kọjá, ohun tí ó wà ní ìdí ni ti òní. Bí èékánná náà bá sì là tàbí ó fọ́ lójú ìlà náà, ìfura pọ̀ sí i.

Àmì kan tún wà tí oníṣẹ́ abẹ ará Lọ́ńdọ̀nù kan, Jónátánì Họ́ṣínsìn, ṣàpèjúwe ní ọdún 1886, tí a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Ó rí i pé dúdú náà máa ń kúrò lábẹ́ èékánná, tí yóò sì ta sí awọ tí ó yí èékánná ká, bí ẹni pé aró kún àwo tán ó wá ń dà sílẹ̀. Àkàndùn ni ó fi àrùn náà wé nígbà náà, ó pè é ní àkàndùn aláwọ̀ dúdú, nítorí pé bí àkàndùn tí kò san ni ó ṣe máa ń rí lójú àwọn tí ó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀. Òye rẹ̀ jinlẹ̀, nítorí pé àṣìṣe yìí kan náà ni a ṣì ń ṣe lẹ́yìn ohun tí ó ju 130 ọdún lọ.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sábẹ́ èékánná yàtọ̀? Èékánná fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Èékánná ọwọ́ ń dàgbà ní nǹkan bí mìlímítà 3 lóṣù. Ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lọ́ra, kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ lóṣù, ó sì lè gba ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀ kí ó tó pààrọ̀ tán. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì kò ní gbòǹgbò. Yóò máa bá èékánná lọ síwájú ni, èékánná tuntun tí ó mọ́ yóò sì máa jáde lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, dókítà a fi ayùn èékánná fa ìlà kékeré sí etí ẹ̀yìn dúdú náà, a wọ̀n ọ́n láti ìdí, a sì ní kí ẹni náà padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Bí ìlà àti dúdú bá jọ sún síwájú bí ọ̀rẹ́ méjì, tí àyè mímọ́ sì wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀jẹ̀ ni. Bí ìlà bá lọ tí dúdú dúró, tàbí tí dúdú ṣì so mọ́ ìdí, kò sí ohun tí a tún ń retí. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ o: jẹjẹrẹ náà lè ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà bí a bá rí ẹ̀jẹ̀, kí a ṣọ́ ọ títí tí èékánná yóò fi mọ́ tán.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí ìtàn orí ìwé, ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kòkó kan ṣe àpèjúwe. A kò mú un lára ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń rí ni. Ẹni ọdún 57 ni baba yìí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ rí àmì kan ní gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò ju hóró ata lọ. Baba ní ẹ̀gún ni ó gún òun. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti tó bọ́tìnì ẹ̀wù. Kò dun ún, nítorí náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó yá, àárín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ bí ó bá rìn jìnnà. Ẹni tí ń ta oògùn fún un ní ìpara, lẹ́yìn náà ó fún un ní abẹ́rẹ́. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò jinná. Ọmọ rẹ̀ tí ń ṣe olùkọ́ ni ó mú un dé ilé ìwòsàn ńlá.

Dókítà kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú ọṣẹ, nítorí pé eruku àti oje ewé lè pa ènìyàn lójú dà. Ó wọ̀n ọ́n: mìlímítà 14 ní gígùn, 9 ní ìbú. Apá kan dúdú bí èédú, apá kan rẹ́súrẹ́sú, àárín là. Ó gbé awò lé etí rẹ̀ níbi tí awọ kò tíì bàjẹ́, ó sì rí dúdú lórí ebè. Lẹ́yìn èyí, ó tẹ orí itan lápá òsì, níbi tí kókó máa ń wú sí bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ara tí ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ kọ́kọ́ ń dúró sí, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ náà sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí lọ. Kò bá kókó kankan níbẹ̀. Títí dé ìhín, ìfura ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ojú, kò sí awò, tí ó lè sọ dájúdájú pé jẹjẹrẹ ni. A gbọ́dọ̀ gé e, kí a sì wò ó lábẹ́ maikirosikópù.

Bí a ti ń gé e ní ìlànà. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kí ojú ibẹ̀ mọ ìrora, wọ́n sì gé àmì náà lódindi pẹ̀lú nǹkan bí mìlímítà 2 awọ rere yí i ká, wọ́n gé e jìn dé ọ̀rá abẹ́ awọ. Bí àmì bá tóbi jù fún èyí, wọn a mú díẹ̀ níbi tí ó ti nípọn jùlọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ yìí lè ṣi ibi tí jẹjẹrẹ wà gan-an, nítorí náà ìdáhùn rere láti ara rẹ̀ kì í fi dókítà lọ́kàn balẹ̀ bí àmì náà bá ṣì ń fura. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a fi abẹ fá orí rẹ̀, tàbí kí a fi oògùn ajónilára, omi bátìrì tàbí iná jó o. Ìjìnlẹ̀ àmì náà ni ẹni tí ó wà nídìí maikirosikópù fẹ́ wọ̀n. Bí a bá ti jó o, òdiwọ̀n ti bàjẹ́, orí awọ a sì jinná bò ó nígbà tí ìsàlẹ̀ ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Òdiwọ̀n ìjìnlẹ̀ yìí ni oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Bírẹ́sílò, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1970. Ó fi hàn pé mìlímítà tí jẹjẹrẹ náà fi walẹ̀ ń sọ nípa ọjọ́ iwájú aláìsàn ju bí ó ti fẹ̀ tó lórí awọ lọ. Èyí tí kò tíì kúrò ní ìpele òkè rárá ni a lè gé tán, kí ó sì parí síbẹ̀. Èyí tí kò ju mìlímítà 1 lọ ní ìrètí púpọ̀. Bí ó bá ti ju 4 lọ, ọ̀rọ̀ ti le. Ti baba yìí jẹ́ mìlímítà 1.6, ó sì ti di egbò lórí, èyí tí ń fi ìpele kan kún ewu rẹ̀. Nítorí náà wọ́n padà sí gìgísẹ̀ náà, wọ́n tún gé sẹ̀ntímítà 2 yí ojú àpá ká, wọ́n bu awọ itan rẹ̀ bò ó, ó sì lo ọ̀pá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ká ní ìgbà tí ó wà bí hóró ata ni ó wá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé sẹ̀ntímítà 1 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni wọn ìbá gé, ìwọ̀n ọgbẹ́ tí ènìyàn lè fi ránṣọ pa kí ó sì máa lọ sí oko rẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ fi ibi tí ìmọ̀ yìí kù sí pamọ́. Àwọn mẹlanómà kan wà tí kò ní aró rárá. Aláró ibẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Pupa ni yóò rí, bí ẹran tuntun tàbí bí egbò àìjiná, kò sì sí èyí tí ó jẹ mọ́ dúdú nínú ìbéèrè tí a kà sókè tí yóò mú un. Ìyẹn ni ó fi yẹ kí a gbé egbò èyíkéyìí ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó ju oṣù méjì lọ wá fún àyẹ̀wò, ìbáà jẹ́ pé kò dúdú, àti bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtọ̀gbẹ lè jẹ́ ìdí rẹ̀. Irú mìíràn kì í tàn kálẹ̀ rárá kí ó tó walẹ̀. Kókó ni yóò yọ, yóò le, yóò sì ga láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní ti oògùn, láti ọdún 2011 ni a ti ní àwọn irú tuntun tí ń ru agbára ara sókè láti bá mẹlanómà tí ó ti tàn jà, wọ́n sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n owó wọn pọ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, irúfẹ́ ti ẹsẹ̀ yìí kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tiwọn bí irúfẹ́ ti oòrùn ti ń gbọ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, baba náà ń padà lọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà a wo ojú àpá, a wo awọ tí ó wà láàrin gìgísẹ̀ àti orúnkún bóyá kókó kéékèèké yọ lójú ọ̀nà, a sì tẹ orí itan. Wọ́n ti kọ́ ìyàwó rẹ̀ láti máa ṣe ìkẹta yìí nílé, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ rí àmì náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, lẹ́yìn ìwẹ̀, a gbé ẹsẹ̀ baba lé itan rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, a la ọmọ ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì wo àárín wọn.